Kí Ni Àwọ̀ Inú Àtẹ Yìí Ń Sọ Gan-an?

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ní àtẹ tí akọ̀wé máa ń fi àwọ̀ kùn, tí yóò sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wà lápá òsì, oṣù tò sókè, iye owó wà nínú àpótí. Àwọ̀ ewé, ó ti san. Pupa, kò san. Ẹni tó bá ní ojú á wò ó, á sì yé e.

Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí a tẹ àtẹ náà sínú kọ̀ǹpútà. `COUNTIF` inú Excel kì í ka àwọ̀, ohun tí a kọ sínú àpótí ló ń kà. Bí a bá sì fi iṣẹ́ náà pamọ́ bíi CSV, gbogbo àwọ̀ á pòórá. Kódà ẹ̀dà dúdú-àti-funfun lásán lè pa ìtumọ̀ rẹ̀ rẹ́. Pupa tí kọ̀ǹpútà ń pè ní 255,0,0 máa ń di eérú 76 lórí ìwọ̀n tó ti 0 dé 255, àwọ̀ ewé 0,128,0 sì máa ń di 75. Ta ló fẹ́ fojú ya àwọn méjèèjì? Ìdí nìyí tí àwọ̀ fi gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀, kó ní òpó tirẹ̀ tí a ó pè ní ipò.

Ẹ jẹ́ ká mú àtẹ ọmọ ẹgbẹ́ 12 fún oṣù mẹ́fà, ₦5,000 lóṣù. Àpótí 72 nìyẹn. Àwọn kan á kàn fi òpó ipò kan kún ẹ̀gbẹ́ àtẹ náà, wọ́n á wá há: ẹnì kan ní àwọ̀ mẹ́fà, èwo ni ká kọ? Ohun tó yẹ ni pé kí àpótí kọ̀ọ̀kan di ìlà kan.

```
nọ́ńbà,oṣù,iye,àwọ̀,ipò
07,Mááṣì,3000,ìyeyè,ó san díẹ̀
07,Épírì,5000,ìyeyè,ó san pẹ́
11,Mááṣì,,funfun,kò tíì wọlé
```

Ẹ wò ó pé mo fi àwọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipò. Àwọ̀ ni ohun tí a rí, ipò ni ohun tí a lóye. Bí òye wa bá yí lọ́la, a ó mọ ibi tí a ti máa tún un ṣe láì padà sórí àwòrán.

Ìyeyè yìí gan-an ló máa ń tanni. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ àwòrán ní ìyeyè ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ 07 san ₦5,000 lóṣù Épírì, owó pé pérépéré, àpótí rẹ̀ sì tún jẹ́ ìyeyè. A bi akọ̀wé, ó ní òun tún máa ń fi ìyeyè kun ti ẹni tó san lẹ́yìn ọjọ́ tí a dá. Àwọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì. Iye owó ló bá wa yà wọ́n: bí kò bá tó ₦5,000, ó san díẹ̀, bó bá pé, ó san pẹ́. Ti ẹni tó san díẹ̀, tó sì tún pẹ́, àwọ̀ kò lè sọ ọ́ fún wa. Ìwé owó nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Funfun léwu jù ú lọ, nítorí ó jọ òfo. Nínú àtẹ wa, ọmọ ẹgbẹ́ 11 àti 12 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní Épírì, nítorí náà àpótí mẹ́fà wọn láti Jánúárì sí Mááṣì funfun. Ẹni tó bá kọ “kò san” síbẹ̀ ti di gbèsè ₦30,000 ru àwọn tí kò jẹ gbèsè. Bí kò bá sẹ́ni tó lè ṣàlàyé funfun kan, “kò dájú” ni kí a kọ, kì í ṣe òfo.

Bó bá jẹ́ pé bébà ni wọ́n ya ní fọ́tò lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè, funfun lè dà bí ìyeyè. Kì í ṣe àwọ̀ tó wà lọ́kàn wa ni ká fi wọ̀n ọ́n. Àlàyé àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò kan náà ni, torí iná kan náà ló tàn sí méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni kíkà. Ka àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán, kó o sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ipò nínú àtẹ tuntun:

```
=COUNTIF(E2:E73,"kò san")
```

Iye pupa lórí àwòrán gbọ́dọ̀ bá èyí mu. Nínú àtẹ wa, gbogbo àpótí tí a kà lórí àwòrán jẹ́ 71, kì í ṣe 72. Ọmọ ẹgbẹ́ 04 ló san owó Mée àti Júùnù pọ̀, akọ̀wé sì so àpótí méjèèjì di ọ̀kan, ó kọ ₦10,000, ó kùn ún láwọ̀ ewé. Ìlà méjì ló yẹ kó jẹ́ nínú àtẹ tuntun, ₦5,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, “ó san” fún méjèèjì.