Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Ṣe Nílé, Ta Ló Ni Ín?

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé ara rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde níbi iṣẹ́, tirẹ̀ ni láìsí àríyànjiyàn. Ẹjọ́ kan tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 jẹ́ kó hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó pe ẹjọ́ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Shanks. Ní ọdún 1982, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí fún Unilever gbà á sí Colworth ní agbègbè Bedfordshire. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ £18,000 lọ́dún, wọ́n sì fún un ní ọkọ̀ Volvo. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kó ṣe àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí yóò máa mọ irú èròjà tó wà nínú nǹkan olómi àti bó ṣe pọ̀ tó. Ní ọdún náà, ó jókòó sílé, ó mú gíláàsì pẹlẹbẹ láti inú ohun ìṣeré ọmọbìnrin rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọdé fi ń wo ohun tínńtín, ó fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kún un, ó sì fi kílíìpù ìdìwé há wọn pọ̀. Àlàfo tóóró kan wà láàárín wọn. Bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà láìsí ẹni tó tì í, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan olómi ṣe ń fa ara rẹ̀ wọ inú àlàfo yìí, ìwọ̀n kan náà ló sì ń gbà nígbà gbogbo. Ìyẹn ni pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó láti fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ yẹ ara rẹ̀ wò nílé.

Ilé ni ó ti ṣe é, ohun ìṣeré ọmọ rẹ̀ ló sì lò. Síbẹ̀, Shanks fúnra rẹ̀ kò jiyàn pé ilé iṣẹ́ ló ni ín. Òfin Pátẹ́ǹtì ti ọdún 1977 ní ilẹ̀ náà kò béèrè ibi tí òṣìṣẹ́ wà tàbí irinṣẹ́ ẹni tó lò. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: kí ni iṣẹ́ ẹni náà? Bí ìhùmọ̀ bá ti inú iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ wá, tàbí inú iṣẹ́ pàtó tí wọ́n rán an, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ irú èyí tí ènìyàn lè retí pé ìhùmọ̀ yóò tinú rẹ̀ jáde, agbanisíṣẹ́ ló ni ín. Àwọn ọ̀gá àgbà, tí ipò wọn mú kí wọ́n máa wá ire ilé iṣẹ́ ní gbogbo ọ̀nà, wà lábẹ́ ìlànà tó tún le díẹ̀. Ohunkóhun tó bá yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ti òṣìṣẹ́ ni.

Ẹjọ́ kan ní ọdún 1985 fi apá kejì hàn. Ọkùnrin kan ń bójú tó títa fáàfù fún ilé iṣẹ́ kan, ó sì máa ń bá àwọn oníbàárà wá ojútùú sí ìṣòro fáàfù wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ máa tó parí, ó hùmọ̀ irú fáàfù tó dára ju èyí tó ń tà lọ. Agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ní tòun ni. Ilé ẹjọ́ wò ó pé ilé iṣẹ́ náà kò ní yàrá ìwádìí kankan, àti pé bí ìṣòro bá kan bí wọ́n ṣe ṣe fáàfù, Switzerland ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Wọn kò gbà á kó lè máa hùmọ̀ nǹkan, nítorí náà ìhùmọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí òṣìṣẹ́ ti sábà máa ń ṣìnà ni pé ó gbára lé lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Iṣẹ́ a máa fẹ̀ sí i. Bí ẹni tí wọ́n gbà láti máa tún kọ̀ǹpútà ṣe bá ti ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà fún ọ̀gá rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, kíkọ ètò ti di ara iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ agbanisíṣẹ́ náà kò lè fi ìwé àdéhùn sọ pé gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ láyé rẹ̀ di tòun. Òfin kò ní ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí.

Kí wá ni èrè Shanks? Òfin kan náà sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá rí àǹfààní tó tayọ lára pátẹ́ǹtì, òṣìṣẹ́ tó hùmọ̀ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìpín tó bá a mu. Ó ní láti béèrè kó tó pé ọdún kan lẹ́yìn tí pátẹ́ǹtì náà bá parí. Nǹkan bíi £24.3 mílíọ̀nù ni Unilever rí níbẹ̀. Shanks béèrè ní ọdún 2006, ó sì pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, torí wọ́n ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, iye yẹn kò tayọ. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò fara mọ́ ọn. Ó ní ilé ìwádìí tó gbà á síṣẹ́ ni kí wọ́n wò, kí wọ́n sì fi owó yìí wé ohun tí àwọn pátẹ́ǹtì mìíràn mú wọlé láti ibẹ̀. Wọ́n fún un ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bíi £1.2 mílíọ̀nù, wọ́n sì fi èyí tí owó ti pàdánù nínú agbára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá kún un. Ó di £2 mílíọ̀nù. Ọdún mẹ́tàlá ló fi jà fún un.

Ìwé, àwòrán àti ètò kọ̀ǹpútà kò sí lábẹ́ òfin pátẹ́ǹtì yẹn. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ló ń dáàbò bò wọ́n. Ìlànà rẹ̀ jọra: ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ rẹ̀, ti agbanisíṣẹ́ ni, àfi bí wọ́n bá ṣàdéhùn mìíràn. Dókítà Noah, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé pélébé kan lálẹ́ nílé rẹ̀, nípa bí wọ́n ṣe lè lu awọ ara láìkó àrùn ran ènìyàn. Ní ọdún 1991, ilé ẹjọ́ ní tirẹ̀ ni. Ní ọdún 2021, ẹnì kan tó kọ ètò kọ̀ǹpútà nílé lẹ́yìn iṣẹ́ pàdánù tirẹ̀, nítorí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sanwó fún un láti ṣe. Òde aago iṣẹ́ ni àwọn méjèèjì ti ṣe é. Níbí pẹ̀lú, kò sí ìpín fún ẹni tó pàdánù, òfin kò sì dí ìwé àdéhùn lọ́wọ́ láti gba ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ń kọ ìwé tàbí orin nílé ní láti ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa ju ẹni tó ń hùmọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Ní Nàìjíríà, òfin pátẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe ní ọdún 1970 ló ṣì wà nídìí ọ̀rọ̀ ìhùmọ̀. Ìhùmọ̀ tó bá jáde lẹ́nu iṣẹ́, ti agbanisíṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n gba mẹkáníìkì kan sí ilé iṣẹ́ gàrí láti máa tún ẹ̀rọ ṣe. Wọn kò ní kó hùmọ̀ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó lo ẹ̀rọ àti àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ láti ṣe ẹ̀rọ tuntun tó ń bó ẹ̀gẹ́. Pátẹ́ǹtì lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, síbẹ̀ òfin ní kí wọ́n fún un ní owó tó yẹ, tí wọ́n bá ti wo owó oṣù rẹ̀ àti bí ìhùmọ̀ náà ṣe wúlò tó. Bákan náà ni bí ìhùmọ̀ náà bá jẹ́ èyí tó ṣe pàtàkì púpọ̀. Ìwé àdéhùn kankan kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́.