Ẹni Tuntun Tí Yóò Bá Wa Dáná

Ibi méjì ni a ti ń pa gáàsì ìdáná: orí sílíńdà àti ara sítóòfù. Nílé tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń dáná, bó ti wù ú ló lè máa pa á. Ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn mẹ́ta ti ń lo sítóòfù kan náà, tí ilé tí wọ́n ti kọ́ ìdáná sì yàtọ̀ síra, àárín ibi méjèèjì yìí gan-an ni ewu ń bà sí.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹnì kan ti mọ́ ọn lára láti máa ti orí sílíńdà nìkan. Ó ti i, iná kú, ó gbé ọbẹ̀ rẹ̀ lọ, ojú iná sì wà ní ṣíṣí bó ṣe fi í sílẹ̀. Gáàsì kò jáde, nítorí orí sílíńdà ti wà ní títì. Nígbà tó di alẹ́, ẹnì kejì wọlé. Òun kì í ti orí sílíńdà nílé tirẹ̀, ara sítóòfù ló ti máa ń pa á. Ó ṣí orí sílíńdà, ó wá lọ ṣan ìrẹsì kó tó ṣáná. Bó ti ń ṣan ìrẹsì lọ́wọ́ ni gáàsì ń tú jáde lójú iná tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ohun tí oníkálukú wọn ṣe kò pa á lára rí nílé tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí arábìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kẹta nínú fúláàtì wa ní Ìbàdàn:

“Ẹ kú àbọ̀ sílé o, àǹtí. Sílíńdà kílò 12.5 ni à ń lò, ìta ló wà lẹ́yìn ilé ìdáná, rọ́bà rẹ̀ ló gba ara ògiri wọlé. Kí ẹ tó ṣí orí rẹ̀, ẹ fọwọ́ yẹ gbogbo ojú iná wò, kí ẹ rí i pé pípa ni wọ́n wà. Ẹ ṣáná kí ẹ tó yí gáàsì sí i. Tí ẹ bá sè tán, tí kò sí ìkòkò ẹlòmíràn lórí iná, ẹ kọ́kọ́ ti orí sílíńdà, ẹ jẹ́ kí iná kú fúnra rẹ̀, kí ẹ wá pa ojú iná. Tí ìkòkò ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, ojú iná tiyín nìkan ni kí ẹ pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkòkò sórí iná kí ẹ wọ yàrá lọ. Tí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó wà ní títàn. Ẹ pè wá.”

Ẹni tó kọ́kọ́ ti orí sílíńdà ń jẹ́ kí gáàsì tó kù nínú rọ́bà jó tán. Bí eku bá gé rọ́bà náà jẹ lóru, tàbí tó bá sán, kò ní sí ohun tí yóò tú jáde. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti orí sílíńdà nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń sè, iná onítọ̀hún yóò kú, ojú iná rẹ̀ yóò sì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá tún sílíńdà ṣí ló máa tú gáàsì sílé. Bákan náà ni tí gáàsì bá tán lórí iná: ẹ pa gbogbo ojú iná kí ẹ tó so sílíńdà mìíràn mọ́ ọn.

Ẹ̀wà ló mú kí n kọ ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn. Tí ẹ̀wà bá ń hó pẹ̀lú ìdérí, ìfófòó rẹ̀ á ru, á dà sórí iná, á pa á. Àwọn sítóòfù kan wà tó máa ń dá gáàsì dúró fúnra wọn tí iná bá kú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èyí tí à ń lò kò ní irú rẹ̀. Iná ti kú, gáàsì kò dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ díẹ̀. Inú sílíńdà, omi ni gáàsì. Lítà kan omi yìí, tó lé díẹ̀ ní ààbọ̀ kílò, á fẹ̀ tó nǹkan bí lítà 250 tó bá jáde. Bí gáàsì bá sì ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibì kan, ó ti tó iná mú. Ilé ìdáná kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà méjì ààbọ̀, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà méjì, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà méjì ààbọ̀, ń gba lítà 12,500. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni lítà 250 yẹn gan-an. Kò tilẹ̀ ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó léwu, nítorí gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rọ̀gún sí, lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti lẹ́yìn fíríìjì, ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ́kọ́ nípọn.

Fíríìjì náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Tí iná mànàmáná bá dé lójijì, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, á sì lè ta pàrà. Súwíìṣì náà ń ta pàrà, ì báà jẹ́ títàn tàbí pípa. Nítorí náà, bí òórùn bá gbilẹ̀, ẹ pa ojú iná, ẹ ti orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo wa jáde. Ìta ni ká ti lo fóònù. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Gáàsì fúnra rẹ̀ kò lóòórùn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní mẹkáptàánì ni wọ́n ń fi sí i kó lè máa rùn, ká lè tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú lè má gbọ́ ọ, ẹni tó sì ti pẹ́ nínú rẹ̀, imú rẹ̀ lè ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá ti òde wọlé ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ní gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ sílíńdà, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi kànrìnkàn kùn ún sí ibi tí rẹgulétọ̀ ti wọ orí sílíńdà àti oríkèé rọ́bà. Bó bá ń yọ ìfófòó tó ń wú síi, ó ń jò níbẹ̀. Ẹ tì í, ẹ má ṣáná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìṣáná wá ibi tó ti ń jò. Bí ó bá sì kù díẹ̀ kí gáàsì tán, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ sílíńdà tàbí kí ẹ gbé e sínú omi gbígbóná. Bó bá ti dùbúlẹ̀, omi gáàsì lè gba inú rọ́bà wá, iná tí yóò sì bù jáde yóò ju agbára sítóòfù lọ.

Ọ̀rọ̀ òróró kò gùn. Tí òróró bá gbiná nínú páànù nígbà tí ẹ ń dín dòdò, ẹ má da omi sí i láéláé, ẹ má sì gbé e rìn. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí bò ó, kí ẹ má ṣí i títí yóò fi tutù.

Bó bá sì jẹ́ agogo méjì òru ni òórùn gáàsì jí yín, ẹ má rò pé ẹ ń yọ wá lẹ́nu, àǹtí. Ẹ kan ilẹ̀kùn wa.