Níbo Ni Iṣẹ́ Tí A Ná Parí Sí? Ọ̀rọ̀ Ayàwòrán Ìtẹ̀wé Kan Láàrin Wa

Láìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wa pé òun fẹ́ yá owó san owó ilé. Kọ̀ǹpútà ni ó fi ń ya àwòrán fún ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí ní Èkó. Kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan, iṣẹ́ tí oníbàárà bá gbé wá ni ó ń ṣe jẹun. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé iṣẹ́ kò wọ́n ọn rárá, àní kì í ráyè sùn. A ní kí ó kó ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá. A jókòó tì í, a sì rí ibi tí owó ti ń jò.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú wọn. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀pà inú ìgò ní kí ó ya lébẹ́ẹ̀lì fún òun. Wọ́n ná an títí, ó di ₦40,000. Iṣẹ́ náà gbà á ní wákàtí 12, àtúnṣe ìgbà méjì sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó rò pé ó ti parí, ọmọ Ìyá dé láti yunifásítì, ó ní irú lẹ́tà yẹn kò wu òun. Wákàtí 2 tún lọ. Lẹ́yìn náà ni Ìyá ní, "Ọmọ mi, a tún ní ẹ̀pà aláta. Kàn bá mi yí orúkọ ẹ̀ ni." Wákàtí 3. Páálí tí wọn yóò máa kó ìgò sí tẹ̀ lé e, wákàtí 15. Bánà iwájú ṣọ́ọ̀bù ló kẹ́yìn, wákàtí 6. Gbogbo rẹ̀ di wákàtí 38 lórí ₦40,000 kan náà. Ẹ ṣírò ó wò: díẹ̀ ló fi lé ní ₦1,050 ní wákàtí kan, inú rẹ̀ ni yóò sì ti ra epo jẹnẹrétọ̀.

A kò bá Ìyá wí o. Bí ènìyàn bá kó aṣọ fún télọ̀, tí télọ̀ ti gé e ní bùbá, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé agbádá ni òun ń fẹ́, torí ó ń fojú rí aṣọ tí wọ́n ti gé. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rò pé bọ́tìnnì kan ni wọ́n ń tẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ẹni tí ó sọ fún Ìyá ibi tí iṣẹ́ ₦40,000 parí sí.

Owó ni a kọ́kọ́ ṣírò. Ohun tí ilé rẹ̀ ń ná lóṣù jẹ́ ₦250,000. Iná àti epo ₦60,000, owó yàrá tí òun àti ẹlòmíì jọ ń lò ₦30,000, dátà ₦20,000, ọkọ̀ àti bébà àyẹ̀wò ₦15,000, owó tí ó ń fi pamọ́ sí ẹgbẹ́ wa ₦45,000. A fi ₦30,000 kún un fún kọ̀ǹpútà, nítorí pé ₦1,080,000 ni ó rà á, a sì rò pé yóò lò ó fún oṣù 36. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦450,000. Ó ń jókòó sẹ́nu iṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 176 lóṣù, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ni ó ń lọ sórí iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún. Ìyókù ń bá ìdúnàádúrà, ìrìn àti iná tí kò sí lọ. A pín ₦450,000 sí wákàtí 90. ₦5,000 ni wákàtí kan.

Iye wákàtí yìí, inú ìwé tirẹ̀ ni kí ó máa gbé. Bí oníbàárà bá rí i, ìyára ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa ná. Ohun tí ó wà lórí ìwé iye owó ni iṣẹ́ tí ó parí, pẹ̀lú ààlà rẹ̀: "Lébẹ́ẹ̀lì ìgò kan, ìwọ̀n kan, àpẹẹrẹ méjì kí ẹ yan ọ̀kan, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì: ₦60,000. Adùn mìíràn lórí lébẹ́ẹ̀lì kan náà: ₦15,000. Páálí: ₦75,000. Bánà tí a mú láti ara lébẹ́ẹ̀lì: ₦30,000. Àtúnṣe kẹta àti èyí tó bá tẹ̀ lé e: ₦10,000 lẹ́ẹ̀kan." Ẹ fi èyí wo iṣẹ́ Ìyá ẹlẹ́pà: ₦190,000 ni ìbá jẹ́.

Àmọ́ kí ni à ń pè ní àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan? Ibí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù, a sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí a kọ ni pé ẹnì kan ṣoṣo, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé àdéhùn, ni yóò kó gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kí a tún ṣe jọ sórí ìwé kan. Bí ọmọ, ọkọ àti àbúrò bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni kí wọ́n lọ. Àṣìṣe tí ayàwòrán fúnra rẹ̀ bá ṣe, irú bíi kí ó kọ orúkọ òpópónà sódì, ọ̀fẹ́ ni yóò tún un ṣe, bó di ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Èyí tí kò bá sí nínú àpèjúwe tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, iṣẹ́ tuntun ni.

Ọ̀rọ̀ inú lébẹ́ẹ̀lì náà gbọ́dọ̀ pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ti oúnjẹ a máa ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti nọ́ńbà Náfúdáàkì. Bí nọ́ńbà kò bá tíì jáde, wọn yóò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọ̀fẹ́ ni fífi í sí i. Ti àwọ̀ náà ń kọ́? Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń gbé àwọ̀ jáde, yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pò pọ̀, nítorí náà wọn kì í bára mu tán. Kí oníbàárà wo ẹyọ kan tí a tẹ̀ sórí bébà, kí ó fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹ̀rún.

Ìdajì owó ni yóò wọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kékeré tí a kọ orúkọ ayàwòrán gba àárín rẹ̀ kọjá ni oníbàárà yóò máa yẹ̀ wò. Èyí tí wọn yóò gbé lọ tẹ̀, ọjọ́ tí owó bá pé ni. A kò tan ara wa jẹ: ìwé àdéhùn kò lè fa owó jáde lápò ẹni tí kò fẹ́ san. Owó àsansílẹ̀ ló ń ṣe èyí.

A tún kọ ìdáhùn kan fún un, tí yóò máa fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù bí wọ́n bá ti ní "kàn bá mi": "Ẹ ṣé, Ìyá wa. Mo lè ṣe páálí náà. Kò sí nínú iṣẹ́ tí a jọ fọwọ́ sí. ₦75,000 ni, ọjọ́ 6 ni yóò gbà. Tí ẹ bá ní kí n ṣe é, màá bẹ̀rẹ̀ tí ìdajì bá ti wọlé." Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà kí èsì tó dé. Bó bá ti ṣe é tán kó tó sọ iye rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní kò sí ọjà tí wọn kì í ti í ná nǹkan ní ilẹ̀ wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá yọ owó, kí ó yọ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní ₦45,000 yóò gba àpẹẹrẹ kan àti àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Oníbàárà méjì fi í sílẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ ẹ́ lówó, nítorí náà a kò bá a kẹ́dùn púpọ̀. Ìyá ẹlẹ́pà padà wá ní tirẹ̀. Ẹ̀pà aláàtalẹ̀ ni ó gbé dé lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ti béèrè iye rẹ̀ kó tó jókòó. Ó ní ₦15,000 ni. Ìyá ná an títí, kò gbà, ó bá ka ₦7,500 sílẹ̀.