Ìyọ̀ǹda Onílé fún Ìbátan àti Ẹran Ọ̀sìn ní Ìlọrin

Ìwé àdéhùn ilé ni ayálégbé yóò kọ́kọ́ wò. Èyí tí àwọn lọ́yà àti ejẹ́ǹtì ń kọ sábà máa ń sọ pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ fi ilé háyà fún ẹlòmíràn, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, àyàfi bí onílé bá fọwọ́ sí i. Òmíràn a tún dárúkọ iye ènìyàn tó lè sùn nínú yàrá kan, tàbí kó ní ẹran kankan kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Ìbátan tó wá gbé lọ́dọ̀ ayálégbé yàtọ̀ sí ẹni tó háyà ilé. Bí ayálégbé fúnra rẹ̀ bá ṣì ń gbé ibẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló ni àṣẹ lórí yàrá, tí kò sì gba owó ilé lọ́wọ́ àlejò rẹ̀, ilé ẹjọ́ kì í sábà kà á sí pé ó gbé ilé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kó lọ sí Àbújá tó fi àbúrò rẹ̀ sínú ilé, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ó ti gbé ilé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé òun ló ṣì ń san owó. Bí àlejò kò tilẹ̀ rú àdéhùn, ó dára kí onílé gbọ́, nítorí omi kànga, ṣọ́káwè àti owó iná ni iye orí ń kàn, pàápàá níbi tí àwọn ayálégbé ti ń pín mítà kan lò.

Ẹ jẹ́ ká mú ayálégbé kan ní Tankẹ́, tó ní yàrá kan àti pálọ̀, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ìlọrin. Yóò kọ́kọ́ lọ kí baba onílé, yóò sọ ohun tó bá a wá, lẹ́yìn náà ni yóò fún un ní ìwé bí irú èyí:

“Baba, mo fi ìwé yìí tọrọ àyè fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 18, tó wọ Yunifásítì Ìlọrin. Yóò bá mi gbé láti oṣù kìíní títí owó ilé tí mo san yóò fi parí. Pálọ̀ ni yóò máa sùn. Èmi ni n ó dáhùn fún ìwà rẹ̀, n ó sì máa san ìpín ẹnìkan kún owó iná tí mo ń san.”

Ẹ̀dà méjì ni yóò tẹ̀. Onílé yóò kọ ìdáhùn rẹ̀ sí méjèèjì, yóò fọwọ́ sí i, yóò kọ ọjọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé orí Wáàsáàpù ló ti dáhùn, kí ayálégbé má pa á rẹ́: Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fàyè gba àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ bó bá bá ìlànà mu.

Ti ẹran ọ̀sìn le díẹ̀, ajá sì ni olórí ibẹ̀. Ológbò kì í fa wàhálà, nítorí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kà á sí ẹran mímọ́. Ní ti ajá, mádíhábì Màlíkì tí àwọn Mùsùlùmí Ìlọrin ń tẹ̀ lé kò kà á sí ẹlẹ́gbin, ó sì gba ajá ọdẹ àti ajá tó ń ṣọ́ ẹran tàbí oko. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ ẹ nítorí hádíìsì tó ní màlékà kì í wọ ilé tí ajá wà. Nínú ilé tí gbogbo ayálégbé ti ń lo àgbàlá kan, bùtá àlùwàlá àti ẹní ìkírun sábà máa ń wà níta, ajá tí wọn kò so yóò sì dé ìdí wọn. Nítorí náà, kí ìwé ìtọrọ sọ ibi tí wọn yóò so ajá mọ́, ẹni tí yóò máa kó ìgbẹ́ rẹ̀, àti iye ajá, kí àwọn ọmọ tó bá bí má baà di ìjà. Kí wọ́n fi káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tì í: láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ajá ti ń gbà á, wọ́n á sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Àgbò Iléyá náà ń fẹ́ ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò dé àti ibi tí wọn yóò so ó mọ́ ti tó.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2025 ní kí onílé dáhùn ìwé ìtọrọ ẹran ọ̀sìn láàárín ọjọ́ 28, kó má sì kọ̀ láìnídìí. Ní Ìlọrin, àdéhùn ló ń pinnu rẹ̀. Bí àdéhùn bá ní onílé kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láìnídìí, ó ní láti sọ ìdí. Bí àdéhùn bá fòfin de ẹran pátápátá, kò sí ohun tó di dandan fún un láti gbà.

Bí ayálégbé kò bá gba ìyọ̀ǹda, onílé lè tọ́ka sí àdéhùn tó rú. Bó bá ti mọ̀ nípa rẹ̀, tó sì tún gba owó ilé láìsọ nǹkan kan, lọ́yà ayálégbé lè sọ pé ó ti gbójú fò ó. Bí onílé bá fẹ́ kí ayálégbé jáde, kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn pa tàbí ṣí òrùlé. Níbi tí àdéhùn kò bá ti sọ iye ọjọ́, ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí kúìtì nótíìsì oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù sì ní ẹ̀tọ́ sí ti oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje yóò tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù, kóòtù nìkan ló sì lè pàṣẹ pé kí ayálégbé kó jáde.