Nọ́ńbà Iṣẹ́ Lọ́tọ̀, Nọ́ńbà Ilé Lọ́tọ̀

Bí ẹ bá ń rìn lọ lójú ọ̀nà Ọ̀dà láàárọ̀, ẹ wo ara ògiri àwọn ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀, mẹkáníìkì, ẹni tó ń ta ẹja dídì, gbogbo wọn ló kọ nọ́ńbà fóònù síta. Nínú kíláàsì wa gan-an, àwọn kan ń ta lọ́fínńdà, àwọn kan ń ta dátà, nọ́ńbà tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n náà ni wọ́n ń fún oníbàárà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lọ́sẹ̀ yìí ni bí a ṣe lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí mo ran àbúrò màmá mi lọ́wọ́ láti ṣe é nígbà ìsinmi.

Àǹtí ń ṣe kéèkì àti míìtì-páì tà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Orí rẹ̀ ni àlááàtì bánkì ń wọlé sí, òun ni wọ́n fi ṣe BVN, òun ni ilé-ìwé àwọn ọmọ wọn ń pè, òun náà ló sì wà lára páálí kéèkì. Oníbàárà a máa pè láago mọ́kànlá alẹ́ láti béèrè iye tí míìtì-páì jẹ́. Èyí tó wá dun Àǹtí jù ni ti oṣù Kejìlá. Ẹnì kan fi àwòrán kéèkì ìgbéyàwó onípele mẹ́ta ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ṣùgbọ́n àdúrà àárọ̀ àti fídíò àwọn ẹbí bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi rí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹni náà ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Owó tí wọn ì bá fi ra ọ́ọ̀fù tuntun ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ibi tí a ti máa ra síìmù. Ìbéèrè náà ni pé: nọ́ńbà àtijọ́ yìí, ṣé kó di ti iṣẹ́ ni, àbí kó di ti ilé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ní kó di ti iṣẹ́, torí pé oníbàárà ti mọ̀ ọ́n. Ó jọ ọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n èmi àti Àǹtí jókòó, a ka ohun tó so mọ́ ọn. Láti yí nọ́ńbà padà ní bánkì, ènìyàn lè ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀, kó fọwọ́ sí ìwé, kó tò sórí ìlà. Sáìnbọ́ọ̀dù ní tirẹ̀, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló ń fẹ́. A wá pinnu pé kí nọ́ńbà àtijọ́ di ti ilé àti ti bánkì, kí a ra tuntun fún iṣẹ́. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ti tàn ká gbogbo Àkúrẹ́ tí kò sì so mọ́ bánkì kankan lè ṣe òdìkejì rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní kí Àǹtí má wulẹ̀ ra síìmù, pé òun máa fi ápù kan gba nọ́ńbà òkèèrè fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà tí kò ní síìmù nìyẹn, inú íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé. Ó ní àwọn tó wúlò fún. Bí Àǹtí bá ń ta aṣọ òkè fún àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +1 lè rọ àwọn oníbàárà náà lọ́rùn láti pè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wà ní Ọ̀dà tí yóò fi owó ìpè òkè òkun pe ẹni tó ń ta míìtì-páì ní ìkángun òpópónà? Ẹ̀rù á tún bà wọ́n, wọ́n á rò pé onígbájúẹ̀ ni. Google Voice tí ọ̀pọ̀ ń dárúkọ, nọ́ńbà Amẹ́ríkà ló ń fúnni, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti ní nọ́ńbà Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Àwọn ápù ọ̀fẹ́ yòókù, nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ lónìí, wọ́n lè gbà á lọ́la kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Wọ́sáàpù kì í sábà gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Bó bá tilẹ̀ gbà á, ẹni tí wọ́n bá fún lẹ́yìn rẹ ni kóòdù ìwọlé yóò máa bá. Fún ọjà tí à ń tà láàárín ìlú, síìmù lásán ló dára jù, jàre.

A wá ra síìmù, a fi NIN Àǹtí forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí á tó kọ ọ́ síbì kankan, ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n ń béèrè bàbá kan tó ń ta pákó. Ẹnì kan tilẹ̀ ń bínú pé kí bàbá náà wá san gbèsè. Ṣé ẹ rí i, nọ́ńbà tuntun kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ tuntun. Òfin àjọ NCC tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ni pé bí láìnì kan bá lo oṣù mẹ́fà láìṣe ohun kankan tó mú owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ tó ni ín, wọ́n lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá lórí rẹ̀, ẹni tó ni ín lè pàdánù nọ́ńbà náà pátápátá, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Irú rẹ̀ ló bọ́ sí wa lọ́wọ́.

A pa síìmù yẹn tì, a ra òmíràn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí a yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa rẹ̀. Mo tọ́jú nọ́ńbà náà sínú fóònù màmá mi, mo wo Wọ́sáàpù bóyá fọ́tò ẹlòmíràn máa yọ. Lẹ́yìn náà mo ṣe bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́ lórí OPay. Níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù láìsí òdo iwájú ni nọ́ńbà àkáǹtì, nítorí náà bí ẹnì kan bá ti fi nọ́ńbà yẹn ṣí àkáǹtì rí, orúkọ rẹ̀ á jáde. Kò sí orúkọ tó jáde, mo sì kúrò níbẹ̀ láìfi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ìyẹn kò fi dájú pé kò sẹ́ni tó lò ó rí o, nítorí náà a tún fi síìmù náà sínú fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sẹ́ni tó pè. Ìgbà yẹn la tó pe ẹni tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù.

OPay yìí kan náà ló fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́. Àǹtí ti kọ nọ́ńbà tuntun sára páálí, síbẹ̀ àwọn oníbàárà tún ń pe ti àtijọ́. Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Àkáǹtì OPay tí wọ́n ń sanwó sí ni. Nọ́ńbà àtijọ́ ni wọ́n fi ṣí i, ẹni tó bá sì ti fi òdo kan síwájú rẹ̀ ti rí nọ́ńbà ilé Àǹtí nìyẹn. A wá pààrọ̀ àkáǹtì tó wà lára páálí sí ti bánkì wọn, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti fóònù tan rárá.

Ti inú fóònù kò le. Ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń lò níbí ló gba síìmù méjì. Ní `Settings`, a fún síìmù kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ILÉ àti KÉÈKÌ, a sì fún wọn ní ohùn ìpè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí Àǹtí lè mọ èyí tó ń dún bí ọwọ́ wọn bá wà nínú ìyẹ̀fun. Bó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á pa síìmù KÉÈKÌ níbẹ̀ láìyọ ọ́ kúrò nínú fóònù, ìpè ilé á ṣì máa wọlé.

Wọ́sáàpù ní ápù mìíràn fún oníṣòwò tó ń jẹ́ `WhatsApp Business`, ọdún 2018 ni wọ́n gbé e jáde. Òun àti Wọ́sáàpù lásán lè jọ wà nínú fóònù kan, bí nọ́ńbà wọn kò bá ti jẹ́ ọ̀kan náà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra: bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àtijọ́ sínú rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yín ló máa kó lọ síbẹ̀, Wọ́sáàpù ti tẹ́lẹ̀ á sì dákẹ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà tuntun, ẹ dúró de kóòdù ẹlẹ́yọ mẹ́fà. Àǹtí fi ìkíni kan síbẹ̀ tó máa ń sọ iye tí kéèkì bẹ̀rẹ̀ láti, wọ́n tún fi èyí tó ń dáhùn lálẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú, ó di àárọ̀. Àmì aláwọ̀ tún wà tí wọ́n lè fi sára oníbàárà kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti sanwó àti èyí tí kò tíì san. Àmì yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé kò sí ẹbí kankan nínú ápù yẹn tó máa fi fídíò bò ó.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í rò. Dátà orí síìmù ILÉ ni Wọ́sáàpù méjèèjì ń lò. Oníbàárà ń kọ̀wé, Àǹtí ń dáhùn, owó ń wọlé, ṣùgbọ́n lójú ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù KÉÈKÌ, síìmù náà ń sùn. Kò pe ẹnikẹ́ni, kò ra dátà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọ́n lè pa á, Wọ́sáàpù á ṣì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹni náà á tẹ̀ ẹ́ sínú Wọ́sáàpù tirẹ̀, kóòdù á lọ bá a, Àǹtí á sì rí ara wọn níta. Lóòótọ́, a ti fi nọ́ńbà àṣírí ẹlẹ́yọ mẹ́fà sórí Wọ́sáàpù náà, ní ibi tí wọ́n kọ `Two-step verification` sí, ó sì ń dènà olè tó bá fẹ́ fi ẹ̀tàn gba kóòdù. Ṣùgbọ́n ẹni tí nọ́ńbà ti di tirẹ̀ lọ́nà tó tọ́, ọjọ́ díẹ̀ ló máa dá a dúró.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá láìnì náà ṣì wà láàyè ni pé kí ẹ fi síìmù yẹn tẹ `*310#`. Láti ọdún 2023 ni NCC ti ní kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lo kóòdù kan náà láti wo iye káàdì tó kù. `*996#` ni ti NIN. Ẹ rántí pé wíwo káàdì lásán kì í jí síìmù, a ní láti náwó lórí rẹ̀. Àǹtí ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́bàá ọ́ọ̀fù: ní ọjọ́ kìíní oṣù, wọ́n á fi káàdì ọgọ́rùn-ún náírà sórí KÉÈKÌ, wọ́n á sì fi pe ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun fún wọn.