Síìmù Méjì, Fóònù Kan: Èwo Ló Ń Ṣe Kí Ni?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Ìbàdàn ló ń lo síìmù méjì: ọ̀kan tí báńkì àti oníbàárà mọ̀, èkejì tí dátà rẹ̀ dínwó. Bí wọn kò bá pín iṣẹ́ fún wọn, fóònù lè máa jẹ dátà lórí laìnì tó wọ́n.

Lórí fóònù Samsung, inú "Settings" ni wọ́n ti ń tò ó: "Connections", lẹ́yìn náà "SIM manager".

Ká ní laìnì báńkì aláṣọ kan ni SIM 1. Yóò mú SIM 2 fún "Mobile data", SIM 1 fún "Messages". Ní ti "Calls", "Ask always" ló dára jù, kí fóònù máa bi í léèrè kó tó pe ẹnikẹ́ni. Ó máa ń dáni dúró díẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ orí nọ́ńbà tí báńkì mọ̀ nìkan ni kóòdù báńkì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi SIM 2 tẹ̀ ẹ́, báńkì kò ní dá a mọ̀.

Ìpè tó ń wọlé kò sí nínú ètò yìí. Laìnì méjèèjì ni yóò máa dún. Ṣùgbọ́n bí aláṣọ bá ń sọ̀rọ̀ lórí SIM 1, WhatsApp lè dákẹ́ títí yóò fi parí. Fóònù kọ́ ló bàjẹ́: ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni síìmù méjèèjì jọ ń lò láti bá òpó sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá pààrọ̀ síìmù, kó tún yẹ ètò náà wò, torí fóònù lè ti yí i padà.