Ẹni Tó Mú Èèyàn Ló Gbọ́dọ̀ Sọ Òfin Tó Fi Mú Un

Bí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé lọ́yà ẹnì kan ti fi habeas corpus lọ sí kóòtù, ọ̀pọ̀ òǹkàwé á rò pé béèlì ni wọ́n ń tọrọ, tàbí pé wọ́n fẹ́ kí adájọ́ sọ pé onítọ̀hún kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ ni gbólóhùn Látìn yìí, adájọ́ ló sì ń pa á fún ẹni tó ti èèyàn mọ́lé: gbé e wá síwájú mi, kí o sì sọ òfin tí o fi dá a dúró. Ìbátan tàbí lọ́yà ẹni tó wà látìmọ́lé á kọ́kọ́ búra nínú ìwé pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n mú un, ibi báyìí ni wọ́n sì tì í mọ́. Bí adájọ́ bá rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, á dá ọjọ́ tí ọ̀gá ọlọ́pàá tàbí ọ̀gá ẹ̀wọ̀n gbọ́dọ̀ wá fèsì. Bí èsì náà bá bá òfin mu, ẹni náà á padà sí àtìmọ́lé. Bí kò bá bá a mu, wọ́n á tú u sílẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì lè pè é lẹ́jọ́ lọ́la. Mo gbà pé agbára ohun yìí wà nínú ẹni tó gbé ẹrù àlàyé lé lórí, ẹjọ́ tó sì fi èyí hàn jù lọ, Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1925, ìjọba amúnisìn rọ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ó lóyè, wọ́n sì ní kí Kábíyèsí kúrò l'Ékòó lọ máa gbé Ọ̀yọ́. Òfin 1917 kan ni wọ́n dì mú. Òfin náà fún Gómìnà láṣẹ láti lé olóyè tí wọ́n bá ti rọ̀ kúrò ní àgbègbè rẹ̀, bí òfin àti àṣà ìbílẹ̀ bá béèrè pé kó kúrò. Àwọn lọ́yà Ọba lọ sí kóòtù láti gba habeas corpus. Adájọ́ kan kọ̀. Wọ́n lọ bá òmíràn, kò ṣeé ṣe, ni wọ́n bá gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1928, ìgbìmọ̀ náà ní kò sí adájọ́ tó lè tìtorí pé ẹnì kejì rẹ̀ ti kọ̀ kó má gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀: olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ẹjọ́ tún padà wá, ìjọba sì dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Gómìnà ti pàṣẹ, àṣẹ rẹ̀ ló sì parí ọ̀rọ̀. Ìgbà tó tún dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1931 ni Lọ́ọ̀dù Atkin dá wọn lóhùn. Ó ní inú òfin ni agbára Gómìnà ti wá, òfin náà sì ní ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ kí agbára yẹn tó ṣiṣẹ́. Ṣé olóyè ni ẹni yìí lóòótọ́? Ṣé wọ́n ti rọ̀ ọ́ lóyè lọ́nà tó tọ́? Ṣé àṣà Èkó béèrè pé ọba tí wọ́n rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìlú sílẹ̀? Iṣẹ́ kóòtù ni láti wádìí gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè kẹta ló le jù fún ìjọba, nítorí àwọn tó mọ àṣà ìlú ló lè jẹ́rìí sí i, ìwé àṣẹ Gómìnà kò lè dáhùn rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìjọba ló mọ ohun tó lè da ìlú rú, kí adájọ́ má dá sí i. Ó lóhun tí wọ́n ń rò, torí Èkó ìgbà náà kò fara rọ rárá. Ṣùgbọ́n Lọ́ọ̀dù Atkin kò gba agbára ìdáàbòbò ìlú lọ́wọ́ Gómìnà. Ohun tó ní ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òmìnira ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ lè fi ẹsẹ̀ òfin rẹ̀ han kóòtù, àti pé adájọ́ kò gbọ́dọ̀ torí pé ìjọba ni kó fà sẹ́yìn. Bí àlàáfíà ìlú bá nílò agbára tó ju èyí lọ, àwọn tó ń ṣòfin ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba.

Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́fà ni Ọba fi wà ní Ọ̀yọ́. Ìdájọ́ 1931 pàápàá kò dá wọn sílẹ̀, ńṣe ló dá ẹjọ́ padà sí Nàìjíríà fún ìwádìí. Gómìnà tuntun, Donald Cameron, ló wá parí ọ̀rọ̀ náà tí Ọba fi padà s'Ékòó lọ́dún náà, wọ́n sì wàjà ní 1932. Kí wá ni èrè rẹ̀? Ìdádúró yẹn ti ọwọ́ àwọn adájọ́ tí wọn kò fẹ́ bi ìjọba léèrè wá, ohun tí àwọn ìdájọ́ méjèèjì sì mú kúrò nìyẹn. Àwọn ológun tó ṣèjọba Nàìjíríà lẹ́yìn náà mọ bí habeas corpus ti lágbára tó. Ní 1994, wọ́n ṣe Òfin Ológun Kẹrìnlá láti fi gba àṣẹ yìí lọ́wọ́ kóòtù fún àwọn tí wọ́n tì mọ́lé lórúkọ ààbò orílẹ̀-èdè. Bí kò bá dí wọn lọ́wọ́, wọn kò ní kọ òfin sí i. Ọdún 1996 ni wọ́n tó fagi lé e.

Nítorí náà, bí ìròyìn bá ní adájọ́ ti pa àṣẹ náà, kí òǹkàwé wá ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹni tó ti èèyàn mọ́lé láti fèsì, kó sì ka èsì náà dáadáa nígbà tó bá jáde. Bí wọ́n bá kàn ní afurasí burúkú ni, láìdárúkọ òfin kankan, wọn ò tíì dáhùn ohun tí adájọ́ bi wọ́n.